Ìlà Tí Kò Gòkè

Iṣẹ́ Heidrun Pätzold ni kí ó má rẹ́rìn-ín. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń ṣe é, ní yàrá kẹta ilé ìwádìí wa ní ìlú Leipzig, níbi tí a ti ń wádìí ohun tí másùnmáwo ń fi ara ènìyàn ṣe. Yóò wọ aṣọ funfun, yóò jókòó sẹ́yìn tábìlì, yóò sì máa wo àjèjì tó dúró níwájú rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ògiri. Àjèjì náà ní ìṣẹ́jú márùn-ún láti sọ ìdí tí ó fi yẹ kí a gbà á síṣẹ́ kan. Bí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kejì, Heidrun kì yóò ràn án lọ́wọ́. Ohun tí yóò sọ kò ju pé, "Àkókò ṣì wà. Ẹ máa bá a lọ." Lẹ́yìn èyí ni ìṣirò yóò dé: kí ó máa yọ mẹ́tàdínlógún kúrò nínú nọ́ńbà ńlá kan, léraléra, láìkọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá ṣì í, Heidrun á ní, "Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀."

Ẹni tó mọ̀ ọ́n lóde kò lè gbà pé òun ni. Obìnrin tó ń bá ajá aládùúgbò sọ̀rọ̀ ni, tó ń pín ẹ̀fọ́ inú ọgbà rẹ̀ fún gbogbo ilé. Wákàtí kan lẹ́yìn ìdánwò náà, tí a bá ti gba itọ́ ìkẹyìn tí a fẹ́ yẹ̀ wò lẹ́nu onítọ̀hún, òun kan náà ni yóò mú tíì wá fún ẹni tí òun ṣẹ̀rù bà, tí yóò sì ṣàlàyé fún un.

"Ẹ má bínú sí mi," ni yóò wí. "Eré ni. Ẹ ò rí i bí ọkàn yín ṣe sáré bí mo ṣe gbójú sókè wò yín? Àwọn iṣan ìdágìrì nìyẹn. Láti inú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń ta ọkàn jí, kí ẹ tó ṣẹ́jú ni wọ́n ti dé ibẹ̀. Ẹnu gbẹ, àtẹ́lẹwọ́ làágùn, oúnjẹ dúró nínú ikùn. Ṣùgbọ́n ìkejì ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹsẹ̀ ló ń fi rìn. Ọpọlọ á ránṣẹ́ sí àwọn kókó kékeré méjì tó jókòó sórí kíndìnrín bíi fìlà, àwọn náà á tú kọ́tísọ̀lù sínú ẹ̀jẹ̀. Bí ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n ló fi ń dé góńgó. Òun ló ń bá yín wá ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀, tó ń gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ dúró, tó sì tún ń sọ fún ọpọlọ nígbẹ̀yìn pé ó tó, kí gbogbo ẹ̀ rọlẹ̀. Ìdí tá a fi gba itọ́ yín lẹ́ẹ̀mẹfà nìyẹn."

Ní oṣù Kejì ọdún tí mò ń sọ yìí, Heidrun gan-an ló ń ṣàìsàn, kò sì sí ẹni tó ń jiyàn nípa ohun tó ń ṣe é àfi òun fúnra rẹ̀. Oṣù márùn-ún ni ó ti ń gbẹ. Síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò dúró ní ìbàdí mọ́. Bí ó bá dìde lójijì, yóò di ògiri mú títí òòyì á fi kọjá. Oúnjẹ ò wọlé, àfi ohun oníyọ̀. Dókítà àdúgbò bi í léèrè nípa ìyá rẹ̀ tó ń tọ́jú nílé, ó sì dá ẹjọ́ náà lójú ẹsẹ̀: másùnmáwo ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni. Ó kọ̀wé pé kí ó lọ sí ilé ìsinmi kan ní etí òkun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọkọ̀ ojú irin náà yóò gbéra ní ọjọ́ Ajé. Ìyá rẹ̀ yóò wà ní ilé àwọn arúgbó títí yóò fi dé.

Ọ̀rọ̀ dókítà náà bá ojú mu. Ìyá Heidrun, Irmgard, ti pé ọgọ́rin ọdún ó lé mẹ́rin, iyè rẹ̀ sì ti ra. Ọgbọ̀n ọdún ló fi wa ọkọ̀ ojú irin ìgboro, ọkọ̀ kọkànlá, kò sì tíì bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́kàn tirẹ̀. Bí àlejò bá wọlé, yóò ké láti orí àga rẹ̀ pé, "Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń bọ́ sílẹ̀ kọ́kọ́ bọ́." Nítorí pé ó máa ń jáde lọ wá ọkọ̀ rẹ̀, Heidrun ń ti ilẹ̀kùn pa látinú, ó sì ń fi kọ́kọ́rọ́ sí àpò ara rẹ̀. Ọdún mẹ́fà nìyẹn láìsí ìsinmi. Àwa tí à ń wádìí irú àwọn olùtọ́jú bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wọn. Kọ́tísọ̀lù tó yẹ kó ga ní òwúrọ̀ kó sì lọ sílẹ̀ ní alẹ́ kò ní ga tó mọ́, kò sì ní sọ̀kalẹ̀ tó. Ìlà rẹ̀ lórí pépà á máa tẹ́ lọ. Iṣan ìdágìrì á wà lójúfò tọ̀sán-tòru, ìfúnpá á gbé sókè, egbò kékeré á pẹ́ kó tó san. A mọ èyí dáadáa. Bóyá a mọ̀ ọ́n jù.

Ní ọjọ́rú, Gesine Lorbeer, ẹni tó ń wọn itọ́ nínú ilé ìwádìí wa, bá Heidrun nínú yàrá oúnjẹ pẹ̀lú ìgò kùkúńbà oníyọ̀. Kùkúńbà ti tán. Omi rẹ̀ ni Heidrun ń mu.

"Àǹtí Heidrun, ẹ tún ti gbé e sẹ́nu."

"Inú ìgò mi ni. N ò jí i lọ́dọ̀ rẹ."

"Ẹ máa ba kíndìnrín yín jẹ́."

"Ṣé ó wá fẹjọ́ mi sùn ọ́ ni?" Heidrun nu ẹnu rẹ̀. "Gesine, wò mí. Ṣé ó rẹ̀ mí lójú rẹ, àbí mò ń ṣàìsàn?"

Gesine wò ó. Ojú rẹ̀ dúdú bíi ti ẹni tí oòrùn etí òkun ti pa láwọ̀ dà. "Ara yín tilẹ̀ dán. Oòrùn ọgbà yín yẹn ò tíì kúrò lára yín."

"Láti oṣù Kẹsàn-án? Yìnyín ló wà nínú ọgbà báyìí."

Gesine rẹ́rìn-ín, ó sì gbé ife kọfí rẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà lẹ́yìn náà ló sọ pé ẹ̀rín yẹn ni òun kò lè gbàgbé.

Ní ilé ìwádìí wa, òfin kan wà tí ọ̀gá wa, Ansgar Thielemann, fi lélẹ̀: ẹni tó bá máa jókòó sẹ́yìn tábìlì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dìde dúró níwájú rẹ̀. Kí ìwádìí tuntun tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo àwa tí à ń dẹ́rù bani ni a ó ṣe ìdánwò náà kí a má baà di òǹrorò. Ó ń yá àwọn tí a kò mọ̀ rí wá láti ilé ẹ̀kọ́ eré orí ìtàgé, nítorí ẹ̀rù tí ènìyàn bá ti pàdé lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta kì í ru kọ́tísọ̀lù sókè bíi ti àkọ́kọ́ mọ́. Ọjọ́bọ̀ ni ó kan Heidrun.

"Ẹ fò ó," ni Thielemann wí. "Ẹ̀ ń rìnrìn àjò ní ọjọ́ Ajé. Ẹ lọ sinmi."

"Ọ̀gá, tí mo bá fò ó, mi ò lè jókòó nígbà tí mo bá dé. Òfin yín ni."

"Ẹ̀yin lẹ máa ń rántí òfin mi ju èmi lọ."

"Ó yẹ kẹ́nì kan rántí ẹ̀."

Ó dúró níwájú wọn ní agogo mẹ́ta ọ̀sán. Àwọn òṣèré náà mọ iṣẹ́ wọn. Ọ̀kan ń wo èékánná ara rẹ̀ nígbà tó ń sọ̀rọ̀. Ní àárín ìṣirò, Heidrun ṣì ń yọ mẹ́tàdínlógún. Ẹ̀rọ tó wà ní àyà rẹ̀ fi hàn pé ọkàn rẹ̀ ń lù nígbà mẹ́rìnlélọ́gọ́fà ní ìṣẹ́jú kan. Ó parí, ó jókòó, ó fi òwú tí a fi ń gba itọ́ sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan gééré gẹ́gẹ́ bí ìlànà, ó sì tu ú sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́. Pẹ̀lú èyí tó ti ṣe kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹfà ló ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín wákàtí kan ó lé díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wọ kóòtù rẹ̀, ó sì lọ gba ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì kò wá síṣẹ́. Ó fi ohùn ránṣẹ́ pé òun ń bì, ó dà bí ẹni pé àrùn inú tó ń jà ní àdúgbò ti mú òun.

Gesine gbé àwọn ìgò jáde nínú yìnyín, ó yí wọn nínú ẹ̀rọ, ó sì wọn wọ́n. Nígbà tí ọ̀sán fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ́n, nọ́ńbà jáde lórí kọ̀ǹpútà. Ti àwọn òṣìṣẹ́ yòókù gòkè, wọ́n sì sọ̀kalẹ̀ bí òkè kékeré. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti Heidrun fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òfo. Wọn ò ga ṣáájú ìdánwò, wọn ò ga lẹ́yìn rẹ̀.

Fún irú èyí, a ní àṣà kan. Itọ́ tí kọ́tísọ̀lù rẹ̀ bá kéré ju ìwọ̀n kan lọ, à ń kà á sí òwú tí onítọ̀hún kò jẹ dáadáa. A ó fi pupa sí i, a ó sì yọ ọ́ kúrò. Ọgọ́rùn-ún ìgbà ni Gesine ti ṣe é láìronú. Ó fi pupa sí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Kò jẹ òwú." Lẹ́yìn náà ọwọ́ rẹ̀ dúró. Heidrun tó ń kọ́ gbogbo ayé bí a ṣe ń jẹ òwú? Ó tẹ̀ ẹ́ láago.

Ìpè náà dún pẹ́ gan-an kí ó tó gbé e. Ohùn rẹ̀ jìnnà. "Mo gbé fóònù sórí tábìlì ni, Gesine. Ọwọ́ mi ò lè gbé e dání. Máa sọ̀rọ̀, ó ń dún síta."

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Ìbéèrè kékeré ni. Lánàá, ṣé ẹ jẹ òwú yẹn?"

"Ìṣẹ́jú kan, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Mo kà á lórí aago ògiri. Kí ló dé?"

"Mi ò rí nǹkan kan nínú ẹ̀ ni."

"Wo ìkejì."

Gesine mọ ohun tó ń wí. Nínú itọ́ kan náà ni a ti ń wọn èròjà kan tó ń fọ́ ìyẹ̀fun ní ẹnu. Bí iṣan ìdágìrì bá ta ènìyàn jí, èròjà yìí á pọ̀ sí i lójú ẹsẹ̀. Ó ṣí ojú ìwé kejì. Èròjà náà kún ìgò gbogbo. Lẹ́yìn ìdánwò ó ti di ìlọ́po méjì.

Itọ́ wà níbẹ̀. Òwú jíjẹ ni. Ọ̀nà kíákíá ti jí, ó ti sáré, ó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà kejì ni ẹnikẹ́ni kò gbà. Másùnmáwo ọlọ́jọ́ pípẹ́ lè mú kí ìlà kọ́tísọ̀lù tẹ́. Kò lè pa á rẹ́ báyìí. Àwọn kókó orí kíndìnrín ló ti ń kú. Ọpọlọ ń pariwo pè wọ́n lójoojúmọ́, ariwo ọpọlọ yẹn náà ni ń mú awọ ara dúdú ní oṣù Kejì. Iyọ̀ ń sá kúrò lára, nítorí àwọn kókó náà ló ń dì í mú. Omi kùkúńbà. Òòyì. Ara bẹ́ẹ̀ lè máa wọ́ ẹsẹ̀ lọ fún oṣù púpọ̀, ṣùgbọ́n bí àrùn kékeré kan bá dé, tí ó béèrè kọ́tísọ̀lù tí kò sí, ìfúnpá á já wálẹ̀, ẹ̀mí á sì bá a lọ.

"Àǹtí Heidrun, ìgbà mélòó lẹ ti bì?"

Àga kan wó. Ohun kan tó wúwo ju àga lọ sì tẹ̀lé e.

Gesine dìde. Ọkàn rẹ̀ ń gbá a láyà, ahọ́n rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu, ọwọ́ tó fi di fóònù mú ń yọ̀. Thielemann wà ní ẹnu ilẹ̀kùn pẹ̀lú àwo kéèkì.

"Ọ̀gá, Àǹtí Heidrun ti ṣubú nílé. Kò ní kọ́tísọ̀lù rárá. Ẹ wo èyí."

Ó wò ó. "A kì í fi nọ́ńbà wa ṣàyẹ̀wò aláìsàn. Ìlànà—" Ó wo ojú ìwé kejì, ó tún wo àkọ́kọ́. Ó gbé àwo sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ, ohun tí kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti ṣe rí, ó sì tẹ 112, nọ́ńbà pàjáwìrì, lórí fóònù tirẹ̀. "Obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, ó ti dákú, ó ti ń bì láti àárọ̀. Àìsí kọ́tísọ̀lù ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ó dá mi lójú. Ẹ jọ̀ọ́, kí dókítà gbé abẹ́rẹ́ rẹ̀ dání." Ó fún wọn ní àdírẹ́sì. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Gesine. "Ilẹ̀kùn rẹ̀ ńkọ́?"

Ilẹ̀kùn wà ní títì. Kọ́kọ́rọ́ wà ní àpò ẹni tó dákú.

Ohùn mìíràn ti ń bọ̀ lórí fóònù, ohùn arúgbó. "Ta ló sùn sílẹ̀ nínú ọkọ̀ mi?"

"Ìyá Irmgard, ẹ gbọ́ mi. Gesine ni. Ọmọ yín ni, Heidrun ni."

"Mi ò ní ọmọ tó tóbi tó yìí. Ẹ ní kó dìde, ibi ìgbẹ̀yìn kọ́ nìyí."

Gesine di ojú fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ tutù bíi ti Heidrun lẹ́yìn tábìlì. "Ọkọ̀ kọkànlá. Ọ́fíìsì ló ń pè yín."

Nígbà tí arúgbó náà dáhùn, ohùn rẹ̀ dún bíi ti ẹni tó ti na ẹ̀yìn. "Ọkọ̀ kọkànlá ń gbọ́."

"Èrò kan ti dákú nínú ọkọ̀ yín. Dókítà ń bọ̀. Ẹ ní láti ṣí ilẹ̀kùn iwájú."

"Kọ́kọ́rọ́ ò sí lọ́wọ́ mi. Wọ́n ti gbà á."

"Ó wà ní àpò èrò yẹn."

"Èrò kì í mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ dání. Ó lòdì sófin."

"Òótọ́ lẹ sọ. Ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, a máa bá a wí tó bá yá."

Wọ́n gbọ́ bí ó ṣe ń kùn, bí tábìlì ṣe ń dún bí ó ti ń fi ọwọ́ dì í mú láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Aṣọ ń dún. Kọ́kọ́rọ́ dún. Lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ lọ, ó ń jìnnà sí fóònù, wọn kò sì gbọ́ nǹkan mọ́. Thielemann ń wo aago. Ìṣẹ́jú kan lọ. Ìkejì lọ. Gesine ń pe, "Ọkọ̀ kọkànlá. Ọkọ̀ kọkànlá." Ìṣẹ́jú kẹrin, wọ́n gbọ́ agogo ilẹ̀kùn, wọ́n gbọ́ ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn ọkùnrin kan ní, "Níbo ló wà?" Ohùn Irmgard sì lékè gbogbo wọn, ketekete:

"Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń bọ́ sílẹ̀ kọ́kọ́ bọ́."

Gesine jókòó. Ó tó nǹkan bí ìdajì wákàtí lẹ́yìn tí àga ti wó kí ọwọ́ rẹ̀ tó rọ̀. Ó mọ ohun tó ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ní àkókò náà àti bó ṣe pọ̀ tó, ó sì mọ ẹni tí kò ní in.

Dókítà fún Heidrun ní abẹ́rẹ́ kọ́tísọ̀lù lórí ilẹ̀ ilé ìdáná, ó sì ta omi oníyọ̀ sí i lára. Kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn, ìfúnpá rẹ̀ ti ń gòkè. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀: agbára tí ara fi ń bá àrùn jà ló yí ojú padà sí àwọn kókó náà, ó sì jẹ wọ́n tán. Wọn kò ní hù mọ́. Oògùn ni yóò máa lò títí láé. Ọkọ̀ ojú irin ọjọ́ Ajé gbéra láìsí i. Dókítà tó wà níbẹ̀ sọ fún un pé ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láìsí oògùn yìí, ó ṣeé ṣe kí ó má padà nínú rẹ̀.

Nígbà tí Gesine lọ kí i, ó ń to oògùn rẹ̀ sínú àpótí kékeré oníhò, àárọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́.

"Àárọ̀ ló pọ̀ jù," ni ó wí. "Bí ara ṣe ń ṣe é nìyẹn. Bí ibà bá mú mi, mo máa sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Bí mo bá ń bì, abẹ́rẹ́ ni. Ohun tí ara tìẹ ń ṣe láìbi ọ́ léèrè, èmi ni mo máa máa fọwọ́ ṣe é."

"Àǹtí, mo fi pupa sí i. Mo kọ ọ́ pé ẹ ò jẹ òwú."

"Mo gbọ́. Àbùkù tí mi ò ní dárí jì nìyẹn." Ó ti ìdérí àpótí náà. "Ìyá mi ní èrò kan jí kọ́kọ́rọ́ òun. Ó ní ọ́fíìsì sọ pé àwọn máa bá a wí."

Ó padà síṣẹ́ ní oṣù Kẹfà. Ìyá rẹ̀ ń lọ sí ilé àwọn arúgbó ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ó ń padà wálé ní ìrọ̀lẹ́, ó sì ń kùn nípa bí ọkọ̀ wọn ṣe ń pẹ́. Nítorí ìwádìí tuntun fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Heidrun ní òun yóò dìde dúró.

"Ẹ má ṣe é," ni Gesine wí. "Ìlà yín ò lè gòkè."

"Ọkàn mi á sáré. Ìyẹn tó fún àwọn tó ń jókòó. Ṣáà kọ ohun tó o bá rí."

Ọkàn rẹ̀ sáré. Ẹnu rẹ̀ gbẹ, ó ṣi ìṣirò lẹ́ẹ̀mẹta. Lọ́jọ́ kejì Gesine wo nọ́ńbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ìlà náà bẹ̀rẹ̀ lókè díẹ̀, ó sì ń rọra sọ̀kalẹ̀ bí oògùn ọ̀sán ṣe ń tán lára rẹ̀, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì, bí ẹni pé kò sẹ́ni tó bá a wí nínú yàrá kẹta. Kí ó tó kọ ohunkóhun, Gesine ṣí ojú ìwé kejì, gẹ́gẹ́ bí òfin tuntun wa: ẹni tó bá rí ìlà tí kò gòkè gbọ́dọ̀ wo ibẹ̀ kí ó tó fi pupa sí i. Lẹ́yìn náà ó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú yíǹkì dúdú: "Ó jẹ òwú."